Ìgé tó ju ojúùtù tó tọ́ nù: ibi tí nọ́ńbà òdì ti ń dani láàmú

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kí 4x + 3y pọ̀ tó bó ṣe lè pọ̀ tó, lábẹ́ 3x + y ≤ 9 àti x + 2y ≤ 7, x àti y gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi tí kò dín sí òdo. Símpléẹ̀sì fún mi ní x = 11/5, y = 12/5. Mo pe ìṣẹ́kù òfin àkọ́kọ́ ní s, ti èkejì ní t; ìlà y nínú tábìlì wá jẹ́ y − (1/5)s + (3/5)t = 12/5. Mo fẹ́ ìgé, ìyẹn òfin tuntun tó máa ju ojúùtù tó ní ìdá yìí nù láìfọwọ́ kan ojúùtù odidi kankan. Mo ti ibẹ̀ gé −(1/5)s + (3/5)t ≥ 2/5, àmọ́ ìgé yìí ju (1, 3) nù, bẹ́ẹ̀ (1, 3) kò rú òfin kankan. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣìṣe?

Ìdáhùn: Iwájú s ni àṣìṣe wà. Nínú ìgé tí Ralph Gomory gbé jáde ní 1958, ìdá tí à ń mú ni ohun tí nọ́ńbà fi lé lórí odidi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òkè −1/5 ni òdo wà. Odidi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni −1, láti ibẹ̀ dé −1/5 sì jẹ́ 4/5. Nítorí náà, 4/5 ló yẹ kó wà níwájú s. Ti t ṣì jẹ́ 3/5, ti 12/5 sì jẹ́ 2/5. Ìgé tó tọ́ nìyí:

(4/5)s + (3/5)t ≥ 2/5

Ẹ wo ìdí tó fi dájú. Ẹ kó gbogbo odidi inú ìlà náà sí apá kan, ẹ kó ìdá sí apá kejì:

(4/5)s + (3/5)t − 2/5 = 2 − y + s

Odidi ni apá ọ̀tún, torí pé odidi ni y àti s. Apá òsì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi nígbà náà, kò sì lè rẹlẹ̀ ju −2/5 lọ, nítorí pé s àti t kì í dín sí òdo. Odidi wo ló wà tí kò rẹlẹ̀ ju −2/5? Òdo àti èyí tó jù ú lọ nìkan. Tí ẹ bá fi −1/5 sílẹ̀ níwájú s, ọ̀rọ̀ yìí wó lulẹ̀: ní (1, 3), s = 3, t = 0, apá òsì wá di −3/5 − 2/5, ìyẹn −1. Odidi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo, ìgé yín sì jù ú nù.

Kọ̀ǹpútà gan-an máa ń fa àṣìṣe yìí, nítorí `int` máa ń fà nọ́ńbà sọ́dọ̀ òdo, `floor` ló ń lọ sísàlẹ̀:

```python
from fractions import Fraction as F
from math import floor
a = F(-1, 5)
print(a - int(a))    # -1/5
print(a - floor(a))  # 4/5
```

Kí ẹ tó fi ìgé sínú tábìlì, ẹ dá a padà sí x àti y kí ẹ lè fojú rí i. Ẹ fi 9 − 3x − y sípò s, ẹ fi 7 − x − 2y sípò t, yóò di 3x + 2y ≤ 11. Ojúùtù tó ní ìdá yẹn fún wa ní 57/5, ìyẹn 11.4, ó ti jáde. (1, 3) fún wa ní 9, ó wà nínú ilé.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ símpléẹ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ pe ìṣẹ́kù ìgé náà ní u, ẹ kọ ọ́ báyìí: −(4/5)s − (3/5)t + u = −2/5. Òdì tó wà lápá ọ̀tún ni símpléẹ̀sì dúà máa mú. Ẹ jẹ́ kí z dúró fún èrè, 4x + 3y; ìlà èrè ni z + s + t = 16; 1 ÷ 4/5 kéré ju 1 ÷ 3/5 lọ, torí náà s ló wọlé, u jáde. Ẹ óò rí x = 2, y = 5/2, z = 31/2.

Y ṣì ní ìdá, ṣùgbọ́n ní báyìí, ìlà èrè ni mo máa fẹ́ràn láti gé: z + (1/4)t + (5/4)u = 31/2. Ó ṣeé lò nítorí pé odidi ni 4 àti 3 tó wà nínú èrè. Ìdá wọn fún wa ní (1/4)t + (1/4)u ≥ 1/2, èyí tó di x + y ≤ 4. Ti ìlà y ì bá jẹ́ 3x + 3y ≤ 13 péré, tí kò mú tó o. Ojúùtù bọ́ sí (5/2, 3/2), z = 29/2. Ìlà x níbẹ̀ fún wa ní 2x + y ≤ 6, ìyẹn ló gbé wa dé (2, 2), níbi tí z jẹ́ 14. Ìgé mẹ́ta ti tó.

Ohun kan ṣì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: ìṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. Bí òfin bá jẹ́ 0.5x + y ≤ 3.5, ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣẹ́kù rẹ̀ lè jẹ́ ààbọ̀, ẹ̀rí òkè yẹn kò sì ní dúró mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí ẹ bá ń fi désímà ṣiṣẹ́, tí y sì jáde bíi 2.9999999, ẹ má gé láti ìlà yẹn. 3 ni y, ìdá 0.9999999 tí `floor` bá mú wá jẹ́ àṣìṣe ìṣirò lásán, ó sì lè gé ojúùtù rere dànù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.