Lẹ́tà Olùkọ́: Níbo Ni Ẹ̀rí Wà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹgbẹ́ ìlú wa fẹ́ san owó ẹ̀kọ́ másítà fún ọmọ kan. Èmi ni wọ́n ní kí n ka àwọn lẹ́tà tí olùkọ́ àwọn ọmọ tó ń wá owó náà kọ, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló ń yin ọmọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ní láárí?

Ìdáhùn: Ẹ mú báírò. Ibi tí olùkọ́ bá ti sọ ohun tí ọmọ náà ṣe nìkan ni kí ẹ fàlà sí nídìí. "Olóye ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, ọmọlúàbí ni" kò gba ìlà kankan. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, lẹ́tà náà á ṣì bá a mu.

Ká wá ní òmíràn kà báyìí pé: "Èmi ni mo bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ lórí omi kànga. Nígbà tí àbájáde kànga kan kò bá ti ìyókù mu, ó padà lọ pọn omi míràn, ó tún un yẹ̀ wò, ó sì rí i pé ike tó kọ́kọ́ lò ni kò mọ́. Fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ọmọ bí 40 tí mo ti bójú tó, ó wà lára àwọn mẹ́ta tó mọṣẹ́ jù." Olùkọ́ yìí kò pè é ní olóòótọ́ rárá, síbẹ̀ ẹ ti rí òótọ́ inú rẹ̀. Ẹ tún mọ ibi tí olùkọ́ dúró sí tó fi rí i, ẹ sì mọ àwọn tó ń fi í wé. Ẹni tó bá kàn kọ pé "ó wà lára àwọn tó dáa jù," ẹ bi í pé lára àwọn mélòó?

Máàkì kì í ṣe ẹ̀rí tuntun. "Ó gba 72 nínú kọ́ọ̀sì mi" ti wà nínú èsì ìdánwò tó wà níwájú yín. Bí lẹ́tà bá sì ń sọ̀rọ̀ aṣọ tó mọ́ àti bí ọmọ ṣe máa ń tètè dé, tí kò mẹ́nu kan iṣẹ́ ọpọlọ rárá, ẹ fura díẹ̀: ó lè jẹ́ pé olùkọ́ ń fọgbọ́n yẹra fún ohun tí kò fẹ́ sọ.

Díẹ̀ ni mo ní kí ẹ fura o. Kíláàsì yunifásítì wa míràn ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, olùkọ́ kò lè mọ gbogbo wọn. Àwọn kan á tiẹ̀ ní kí ọmọ lọ kọ lẹ́tà náà wá kí àwọn buwọ́ lù ú. Bí gbólóhùn kan náà bá jáde nínú lẹ́tà olùkọ́ méjì, ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, lẹ́tà òfìfo kò fi hàn pé ọmọ kò dáa. Ẹ má yọ máàkì rẹ̀, ẹ má sì fi kún un. Ẹ kọ̀wé sí olùkọ́ náà nípasẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ni ọmọ yìí ṣe lójú yín nígbà tí iṣẹ́ le?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti rí ìtàn kan sọ.