Mo jẹ tẹ́tẹ́, kí ló dé tówó mi fi kéré?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, 6,000 náírà ni mo fi ta Aubameyang ní 2018/19 pé òun ló máa gbá gòólù jù ní Pírẹ́míà Líìgì, ọ́ọ̀dì 8. Ó sì gbá a jù o, àmọ́ 16,000 ni wọ́n san fún mi dípò 48,000. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣé wọn ò jí mi lówó?

Ìdáhùn: Wọn ò jí ẹ lówó, àbúrò mi. Mo ti jókòó sí kántà ilé tẹ́tẹ́ rí, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ náà nìyẹn. Aubameyang gbá 22 lọ́dún yẹn, Salah gbá 22, Mané náà gbá 22, ipò kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sanwó fún. Dẹ́ẹ̀dì híìtì là ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn eléré ẹṣin ló ti wá, nígbà tẹ́ṣin méjì bá jọ kan ìlà lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ èyí tó ṣíwájú.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í gbọ́ ni pé owó tó o fi ta ni wọ́n ń pín, kì í ṣe èrè, ọ́ọ̀dì ẹ ò sì yí padà. 6,000 pín sọ́nà mẹ́ta, 2,000. 2,000 yẹn jẹ ní ọ́ọ̀dì 8, ó di 16,000, tí 4,000 tó kù sì kú pátápátá bíi pé ẹlòmíì tí ò jẹ lo ta. Ẹni tó bá pín èrè 42,000 sí mẹ́ta tó wá ní kí wọ́n dá 6,000 òun padà lé e máa retí 20,000, ibẹ̀ gan-an nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kántà.

Èyí tó máa ń ká mi lára jù ni pé èèyàn lè jẹ kó tún pàdánù. Ní Yúrò 2024, àwọn mẹ́fà ló gbá gòólù 3, Kane wà lára wọn. Ká ní ẹnì kan ta Kane ní ọ́ọ̀dì 5 pẹ̀lú 6,000, ìdá kan nínú mẹ́fà jẹ́ 1,000, ìlọ́po márùn-ún ẹ̀ 5,000. Ó ti pàdánù 1,000 nìyẹn. Táwọn tó jọ dọ́gba bá ti pọ̀ ju ọ́ọ̀dì ẹ lọ lórí ipò kan ṣoṣo, wàá pàdánù ni.

Tó bá jẹ́ ipò lo ta, bíi ti gọ́ọ̀fù pé ẹni yìí máa wà nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ipò tó ṣẹ́ kù ni wọ́n máa kà. Àwọn mẹ́rin jọ wà ní ipò kẹrin, ipò kẹrin àti ìkarùn-ún ló ṣẹ́ kù, méjì fún èèyàn mẹ́rin, torí náà ìdajì owó ẹ ló jẹ: 4,000 ní ọ́ọ̀dì 3 máa di 6,000 dípò 12,000. Àmọ́ tó bá jẹ́ ipò kejì làwọn mẹ́rin ọ̀hún ti dọ́gba, gbogbo wọn ṣì wọlé láàárín márùn-ún, owó ẹ máa pé.

Àwọn ilé tẹ́tẹ́ kan máa ń fi àsíìsì ya àwọn tí gòólù wọn bá dọ́gba, àwọn mìíì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kódà tí bàtà wúrà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bíi ti Müller ní Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù 2010 táwọn mẹ́rin jọ gbá 5. Wo rúùlù ọjà yẹn kó o tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.