Ṣé kí fọ́ọ̀mù ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹnu, àbí kí méjèèjì jọ rìn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ń ṣe másítà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo fẹ́ mọ ìdí tí àwọn aboyún tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé fi ń lọ bímọ síbòmíràn nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá pé. Mo máa pín fọ́ọ̀mù, mo sì tún fẹ́ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Súpáfáísà mi ní kí n lo ètò ẹsipulanétọ́rì sikuẹ́nṣà. Ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì ní kọnfájẹ́ǹtì ló yá jù, pé kí n ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí n tètè parí. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbé bírò, kí o kọ gbogbo ohun tí wàá bi àwọn obìnrin náà lójúkojú sílẹ̀ lónìí, kí fọ́ọ̀mù kankan tó jáde. Kọ irú obìnrin tí wàá bi náà sí i. Bí o bá lè kọ ọ́ tán pátápátá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ohun tó ń dúró dè lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù, ètò ajùmọ̀rìn tí ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ní kọnfájẹ́ǹtì lè bá ọ mu. Bí o bá kọ ọ́ dé ìdajì tí o wá rí i pé ó di ìgbà tí ìṣirò bá jáde kí o tó mọ ẹni tí wàá bi àti ohun tí wàá bi í, ètò atẹ̀léra tí súpáfáísà rẹ ń pè ní ẹsipulanétọ́rì sikuẹ́nṣà ni tìrẹ: fọ́ọ̀mù á ṣáájú, ọ̀rọ̀ ẹnu á tẹ̀ lé e láti ṣàlàyé ohun tí fọ́ọ̀mù gbé jáde. Pẹ̀lú ohun tí o kọ sí mi yìí, ẹ̀yìn súpáfáísà rẹ ni mo wà.

Jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn ọ́. Èmi ni mo ro gbogbo iye inú rẹ̀ o, má lọ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ. Ká ní o lọ sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, láti apá Kínńírá títí dé Arówómọlé, o sì yọ orúkọ 300 obìnrin láti inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ aboyún wọn. Inú ìwé yẹn gan-an ni kí o ti yọ ọ́. Bí o bá lọ jókòó ti àwọn tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó bímọ síbòmíràn tí kò gbé ọmọ náà padà wá kò ní bọ́ sí ọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ irú wọn gan-an lo ń wá. O bi wọ́n ní ọjọ́ orí, iye ọmọ tí wọ́n ti bí, bí ilé wọn ṣe jìnnà tó, iṣẹ́ wọn, ẹni tó ń sanwó, iye ìgbà tí wọ́n wá fún àyẹ̀wò, àti ibi tí wọ́n bímọ sí. Ká ní 110 nínú wọn ló bí síbòmíràn.

O wá lo ìṣirò lọ́jísítíìkì, èyí tó máa ń yẹ ọ̀pọ̀ nǹkan wò pa pọ̀ láti mọ èyí tó ní ọwọ́ nínú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ọ̀nà jíjìn ní ọwọ́ níbẹ̀, owó náà ní. Kò sí ẹni tí ìyẹn máa yà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó tún ní wíwá fún àyẹ̀wò déédéé kò dá àwọn abiyamọ tó ti bímọ rí dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá àwọn tó ń bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́ dúró. Kí ló dé? Fọ́ọ̀mù kò lè dá ọ lóhùn, nítorí o kò mọ̀ pé o máa nílò ìbéèrè yẹn nígbà tí ò ń ṣe é. Ibí yìí ni ètò atẹ̀léra ti ń wúlò.

Ìwọ náà kò gbọ́dọ̀ wá máa bá ẹni tó bá ti yọjú sọ̀rọ̀. Ìṣirò yẹn lè sọ, fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ó bí sí ilé ìwòsàn náà. Bí o bá ń lo SPSS, nígbà tí o bá wà nínú `Binary Logistic`, tẹ `Save`, kí o sì yan `Probabilities`. Yóò ṣí òpó tuntun kan tó ń jẹ́ `PRE_1`, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ máa wà láàárín 0 àti 1. Bí o bá ti fi 1 dúró fún ẹni tó bí sí ilé ìwòsàn, wá àwọn tí `PRE_1` wọn ga, bíi 0.8 sókè, ṣùgbọ́n tí wọ́n lọ bí síbòmíràn. Ká ní wọ́n jẹ́ 14. Àwọn wọ̀nyí ló sún mọ́ ilé ìwòsàn, tí owó kò há wọn, tí wọ́n wá fún àyẹ̀wò, tí wọ́n sì tún lọ. Wá díẹ̀ láti òdì kejì mọ́ wọn: àwọn tí ìṣirò ní wọn kò ní wá, tí wọ́n sì wá. Lójú tèmi, àwọn tó já ìṣirò nírọ́ báyìí ló níye lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ìyàlẹ́nu ló sì jẹ́ fún mi pé àwọn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò dá.

Ìgbà yìí lo tó ń kọ ìbéèrè ojúkojú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti inú èsì kan jáde. O máa bi ẹni tó ti bímọ rí pé báwo ni ìkúnlẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ṣe lọ, ibo ló ti ṣẹlẹ̀, ta ló sì wà níbẹ̀. O máa bi àwọn 14 pé nígbà tí ìrọbí mú wọn, ta ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún, ta ló sì sọ pé ibi báyìí la ń lọ. Ká ní mẹ́sàn-án nínú wọn ní òru ni, pé nígbà ìkúnlẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, àwọn dé ẹnu géètì wọn kò sì bá ẹnì kankan. Aago tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ kò sí lórí fọ́ọ̀mù rẹ rárá. O ti rí àlàyé, ó sì tún yé ọ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti bímọ rí nìkan ni àyẹ̀wò kò dá dúró: òun ló ti bá géètì títì pàdé. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ pé ìdá báyìí nínú 110 ló lọ nítorí òru. Torí pé wọ́n ṣàjèjì sí ìṣirò lo ṣe yan àwọn 14, wọn kò dúró fún àwọn yòókù.

Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ti máa ń wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ sórí fọ́ọ̀mù pé kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ, á sì tún kọ ọ́ sínú pùròpósà pé òun máa padà lọ bá àwọn kan nínú wọn. Báwo lo ṣe máa mọ̀ wọ́n? Nọ́ńbà ni kí o kọ sórí fọ́ọ̀mù, kí orúkọ àti fóònù wà nínú ìwé mìíràn tí ìwọ nìkan ń tì pa. Kí ìwé ìyọ̀ǹda sì bèèrè lọ́wọ́ wọn tààrà bóyá o lè padà pè wọ́n. Fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ìwádìí, kọ bí o ṣe máa yan ènìyàn àti àwọn ìbéèrè tí o kọ́kọ́ lérò, kí o sì sọ pé o máa mú èyí tó bá yípadà padà wá fún wọn kí o tó lò ó. Má sì jẹ́ kí oṣù púpọ̀ wà láàárín ìpele méjèèjì, nítorí ènìyàn ń kó kúrò nílé, síìmù ń yí padà, àwọn kan sì lè ti lọ sí abúlé oko ní apá Oríire.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹnì kan jẹ́ atẹ̀léra lóòótọ́, béèrè pé: èsì wo ló bí ìbéèrè yìí, kí ló sì dé tó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí lo bá sọ̀rọ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé àwọn ló wà nítòsí, iṣẹ́ méjì ló dì sínú ìwé kan.

Ìgbà wo wá ni ti ọ̀rẹ́ rẹ ì bá tọ́? Ká ní ohun tí o fẹ́ mọ̀ ni bóyá máàkì tí àwọn aboyún ń fún ìtọ́jú wọn bá ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ mu. Ìwọ náà mọ̀ wá: bi obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn pé ṣé ìtọ́jú tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní “a dúpẹ́”, á sì fàmì sí 5 nínú 5. Nígbà tó bá jókòó nílé rẹ̀ ló tó máa sọ fún ọ pé wọ́n jágbe mọ́ òun. Èkíní kò bí èkejì níbẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn gan-an lo ń wá. Ó sì yẹ kí o gba méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ó má lọ jẹ́ pé nǹkan ló yí padà ní ilé ìwòsàn náà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí fọ́ọ̀mù máa béèrè ohun kan, kí ẹnu máa béèrè òmíràn. Nígbà tó bá di ọjọ́ àtisopọ̀, kò ní sí ohun tí wàá fi wé ohun. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè nípa dídúró pẹ́, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ̀rọ̀, bíbo ara àti owó, kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò béèrè nípa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, ya tábìlì kan: máàkì lápá òsì, ọ̀rọ̀ wọn láàárín, kí apá ọ̀tún sọ bóyá wọ́n bára mu, wọ́n fi kún ara wọn, tàbí wọ́n takora. 300 fọ́ọ̀mù àti 20 ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè jọ wà níbẹ̀, kò sí dandan kí iye wọn dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ obìnrin kan náà ló ń ṣe méjèèjì, fún un ní fọ́ọ̀mù ṣáájú, torí ìtàn tó bá ti sọ lè yí máàkì rẹ̀ padà. Tí wọ́n bá takora, má ṣe pa ọ̀kan mọ́. Padà lọ wo ẹni tó pín fọ́ọ̀mù náà àti ibi tó ti pín in; bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ni, bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ láti ibẹ̀.

Ní ti yíyá tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, òótọ́ ni pé oṣù rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà lè dín. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ọ̀rọ̀ tí o gbà sórí fóònù lè gbà ọ́ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀, kí o tó wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún tísíìsì. Nínú ajùmọ̀rìn, àsìkò tí ò ń ṣe ìyẹn náà lo ń wá àwọn 300 kiri. Ẹni tó bá ní olùrànlọ́wọ́ méjì lè gbé e. Ìwọ tí o dá wà, tí o tún ń lọ síṣẹ́ alẹ́, atẹ̀léra máa jẹ́ kí o gbájú mọ́ ọ̀kan kí o tó bọ́ sí èkejì.