Owó ìtọ́jú ọmọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kì í gba owó oṣù

"Ẹ̀yin ará ilé, bàbá ọmọ mi ń ṣe kòkó ní Ìjerò, kì í gba owó oṣù. Báwo ni ilé ẹjọ́ ṣe ń mọ iye tó yẹ kó máa san? Ìlú òyìnbó ni mo wà, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá mi."

Àǹtí mi, ọ̀dọ̀ ìyá mi l'Ádó ni ọmọ tèmi náà wà, kòkó sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣòfò nítorí ìṣirò kan tí mo fi ìbínú ṣe.

Mo gbọ́ pé ó rí 250,000 náírà ní oṣù Kejìlá, ni mo bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá, mo ní mílíọ̀nù mẹ́ta ló ń rí lọ́dún. Kòkó kì í so bẹ́ẹ̀! Bàbá ọmọ mú ìwé ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ wá, wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ iye kílò sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta péré ló rí 250,000 lóṣooṣù, oṣù mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ 50,000 lóṣooṣù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,200,000. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá sọ kò wọ adájọ́ létí mọ́. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ tún ń dá ìyá mi padà, "ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó", lójú oòrùn.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé òbí yóò tọ́jú ọmọ bí agbára wọn bá ṣe tó. Kò dárúkọ ìdá kankan. Nítorí náà, ohun méjì ni ẹ ó gbé síwájú wọn: ohun tí ọmọ ń ná, àti ohun tí bàbá ń rí láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, kì í ṣe oṣù tó dára jù, kì í sì í ṣe oṣù tó burú jù. Bí ó bá ní òun ò rí nǹkan kan, ẹ wá ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ bí oko náà ṣe tóbi tó.

Ọmọ tèmi ń jẹ 30,000 lóṣù, owó ilé ìwé jẹ́ 45,000 ní táàmù kọ̀ọ̀kan, aṣọ àti oògùn jẹ́ 81,000 lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 576,000. Wọ́n ní kí bàbá san 15,000 lóṣù fún oúnjẹ, kí ó sì san owó ilé ìwé fún ilé ìwé fúnra rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 315,000 lọ́dún. Èmi ni mo gbé 261,000 tó kù. Bàbá lè san 15,000 náà ní oṣù tí kòkó kò sí.

Ní ti ìwé tí ẹ ó mú lọ, ìwé ìbí ọmọ àti fọ́tò, ìyẹn ò le. Rìsíìtì ni kí Màmá máa tọ́jú, títí kan ti kẹ́místì. Owó tí bàbá ọmọ bá sì fi lé Màmá lọ́wọ́ láìsí ìwé, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì níwájú adájọ́. Ẹ sọ fún un kó máa fi sínú àkáǹtì. Bí owó ilé ìwé bá gbówó lórí, ẹ lè padà lọ ní kí wọ́n yí iye náà padà, mo ti ṣe é.