Ẹ kó oògùn jáde nínú àpótí yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Èmi àti òṣìṣẹ́ méje la wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, mo sì fẹ́ ṣe àpótí fáàsì éèdì. Mo ti ra pàrásítámọ́ọ̀, oògùn ara ríro, kápúsù apakòkòrò, sípírítì, òwú àti pílásítà. Kí ló kù tí mi ò tíì rà? Ṣé tí mo bá ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó ti tó?

Ìdáhùn: Pílásítà nìkan ni kó dúró. Ẹ kó gbogbo ìyókù jáde.

Mo mọ̀ pé owó lẹ fi rà wọ́n, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn ló sì sábà máa ń ṣáájú nínú ohun tí wọ́n ti rà. Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì kò wà fún wíwo àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ni a fi ń dá dúró, egbò ni a fi ń bò, a sì fi ń dáàbò bo ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú, títí tí aláìsàn á fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ jẹ́ ká mú oògùn ara ríro yẹn. Òṣìṣẹ́ yín kan ní orí ń fọ́ òun, ẹ já hóró méjì fún un. Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ó ní ọgbẹ́ inú? Ṣé ẹ mọ̀ bóyá ikọ́ fée máa ń ṣe é, tàbí pé ó ti lóyún tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni? Ìbuprofẹ́ẹ̀nì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mú kí ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára àwọn kan. Pàrásítámọ́ọ̀ tí gbogbo wa rò pé kò lè ṣe nǹkan kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn. Ẹni tó ti lo ti ọ̀fìnkìn láàárọ̀, tó tún gba tiyín lọ́sàn-án, lè lò ju ìwọ̀n lọ láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ní ti kápúsù apakòkòrò, mi ò ní fi bò yín lójú: ẹ ò gbọ́dọ̀ pín in fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ló ń kọ ọ́, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọn yóò lò ó.

Ẹni tó bá ní oògùn tirẹ̀ tí dókítà kọ fún un, bíi èyí tí oníkọ̀ọ́ fée ń fà símú, kó máa fi sínú báàgì ara rẹ̀. Áásípírìn tí wọ́n ń ní kí àgbàlagbà jẹ lẹ́nu nígbà tí àyà bá ń dùn ún gidigidi jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Kì í ṣe gbogbo ara ló gbà á, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pe àwọn oníṣẹ́ pàjáwìrì, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n bá sọ.

Sípírítì ńkọ́? Oró tó máa ń ta yẹn kì í ṣe àmì pé ó ń wo egbò sàn. Bó ṣe ń pa kòkòrò náà ló ń pa ẹran ara tútù tí yóò jẹ́ kí egbò jiná. Omi apakòkòrò tó máa ń hó lójú egbò kò sàn jù ú lọ. Omi mímọ́ tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣan egbò, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ara tó yí i ká, ó tán. Òwú ní tirẹ̀ máa ń já fọ́nrán sínú egbò, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ óò gbọ́ igbe.

Ó wá ku ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín tí kò ní iṣẹ́ eléwu, èyí tó kéré jù ni ogún pílásítà tí wọ́n dì lọ́kọ̀ọ̀kan, bándéèjì tó ní pádì lára, mẹ́fà tó mọ níwọ̀n àti méjì ńlá, pádì ojú méjì, bándéèjì onígun mẹ́ta méjì tí a fi ń gbé apá kọ́rùn, pínnì aṣọ mẹ́fà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà onílò ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, àlùmọ́gàjí kan, àti ìwé pélébé tó ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe. Níbi tí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ fi lítà kan omi oníyọ̀ tí wọ́n dì pa fún fífọ ojú kún un. Bí òfin ibi tí ẹ wà bá bèèrè jù báyìí lọ, ti òfin ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ń lo iná tàbí kẹ́míkà, èyí kò tó yín.

Bándéèjì tó ní pádì yẹn ni olórí wọn. Bí ẹnì kan bá gé ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tẹ pádì mọ́ ojú egbò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ẹ má ṣí i wò. Ṣíṣí wò yẹn ló ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin pádì náà, ẹ fi òmíràn lé e, kí ẹ sì wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò tó. Oṣooṣù ni, ẹnì kan pàtó ni kó sì máa ṣe é, nítorí iṣẹ́ gbogbo èèyàn kì í ní olóko. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ iye nǹkan mọ́ inú ọmọrí àpótí. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jáde sórí tábìlì. Ẹ má kàn yọjú wò ó láti òkè.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oṣù kìíní 2027 la wà. Àkọsílẹ̀ ní bándéèjì mẹ́fà, mẹ́rin lẹ rí: ẹnì kan ti lo méjì láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan mẹ́rin tó kù, ọ̀rá ọ̀kan ti ya létí. Kò ṣeé lò mọ́, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ì báà ṣì jìnnà, torí ọ̀rá tí kò ya tí omi kò sì kàn ló jẹ́ ká mọ̀ pé kòkòrò ò wọ inú ẹ̀. Mẹ́ta lẹ óò rà nìyẹn. Lára pádì ojú, ẹ̀gbẹ́ àwòrán agogo oníyanrìn, wọ́n kọ 2027-03. Ìyẹn ni pé ó ṣeé lò títí di ìparí oṣù kẹta. Ohunkóhun tí yóò bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ tètè rà á, kí ẹ má dúró dè é. Ẹ na ìbọ̀wọ́ kan wò: bí ó bá lẹ̀ pọ̀ tàbí tó ya, ooru ti jẹ ẹ́. Ẹ tẹ pílásítà kan mọ́ apá yín, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń lẹ̀. Àlùmọ́gàjí kò sí? Ẹ lọ wò ó níbi tí wọ́n ti ń tú páálí ọjà, ibẹ̀ ni mo máa ń bá a.

Tí ẹ bá parí, ẹ kọ déètì àti ohun tí ẹ rà sínú ìwé, ẹ fi ọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ìlẹ̀mọ́ bébà dí ẹnu àpótí. Bí ìlẹ̀mọ́ bá já kí oṣù tó pé, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n ti lò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àgádágodo tì í o, pàápàá èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ọ̀gá.

Bándéèjì tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ “ìdánrawò” sí i lára gàdàgbà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpótí, kí àwọn òṣìṣẹ́ méjèèje máa fi kọ́ bí a ṣe ń di ọwọ́ ara wọn.