Ẹ má ì tíì ra líǹkì fún ìkànnì ìlù yín

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlù dùndún là ń ṣe nílé wa ní Ọ̀yọ́, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá mo sanwó kí wọ́n bá mi ṣe ìkànnì, àmọ́ bí èèyàn bá wá ìlù lórí Google, a kì í jáde. Ẹnì kan wá ní kí n mú ₦60,000 wá, òun á bá mi wá líǹkì 500 tó máa gbé wa dé òkè. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san án. Orí àwọn ìkànnì tẹ́nikẹ́ni kì í kà ni wọ́n máa ń lẹ irú líǹkì bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin Google kò fàyè gba kéèyàn máa ra líǹkì torí àtibọ́ síwájú, àtìgbà tí wọ́n sì ti gbé àtúnṣe tí wọ́n pè ní Penguin jáde lọ́dún 2012 ni wọ́n ti ń dọdẹ rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ irú líǹkì bẹ́ẹ̀ ni Google kàn máa ń fojú fò, owó yín á sì wọgbó. Ó tún lè burú jùyẹn lọ, kí wọ́n fìyà jẹ ìkànnì náà fúnra rẹ̀. Mo ti ṣí ìkànnì yín lórí fóònù mi, mo sì rí i pé líǹkì kọ́ ló kọ́kọ́ ń dà á láàmú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni bóyá Google tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀yin náà lè ṣe é: ẹ tẹ `site:` sínú Google, kí ẹ lẹ orúkọ ìkànnì yín mọ́ ọn láìfi àlàfo sí i. Bí nǹkan kan ò bá jáde, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe ìkànnì náà gbàgbé láti yọ àmì kúrò nínú àpótí tí WordPress, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ń pè ní `Discourage search engines from indexing this site`, tó wà lábẹ́ `Settings`, ní `Reading`. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ti tipa bẹ́ẹ̀ sá pamọ́ láìmọ̀. Ti yín ò rí bẹ́ẹ̀, ojú ewé yín jáde.

Ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé náà gan-an ni wàhálà. Àkọ́lé tí Google ń rí ni `Home`. Ohun tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìkíni àti oríkì ilé yín. Ó dùn-ún kà lóòótọ́, àmọ́ kò síbi tí ẹ ti sọ pé ẹ ń ta ìlù, irú ìlù wo ni, èló ni, ọ̀nà wo ló sì máa gbà dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé ni Google fi ń mọ ohun tí ojú ewé wà fún. Fọ́tò ìyá ìlù tó rẹwà kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Ẹ padà sínú WhatsApp yín, kí ẹ ka ìwé àkọ́kọ́ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan kọ sí yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀ ló sún mọ́ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú Google jù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `talking drum` sínú Google, kí ẹ máa wo ohun tó ń parí rẹ̀ fún yín. Ẹ má bá `talking drum` lásán jà o. Àwọn ilé ìtajà ńláńlá àti àwọn ìwé ìmọ̀ lágbàáyé ló jókòó síbẹ̀. Ẹni tó tẹ `talking drum for sale in Nigeria` tàbí `iya ilu dundun price` kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń tà: ìyá ìlù, gángan, kànnàngó, àti títún ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya ṣe. Ní ti ìyá ìlù, ẹ kọ irú igi tí ẹ fi gbẹ́ ẹ, bó ṣe ga tó, bóyá ṣaworo àti kọ̀ǹgọ́ wà pẹ̀lú rẹ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, àti bí ẹ ṣe ń fi í ránṣẹ́ sí Èkó tàbí ẹ̀yìn odi. Àkọ́lé rẹ̀ lè rí báyìí:

```html
<title>Iya Ilu Dundun: Talking Drum for Sale in Oyo, Nigeria</title>
```

Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ láìlámì, torí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ gan-an, ẹ fi àmì sí i dáadáa. Ẹ má sì wulẹ̀ tún `talking drum` kọ nígbà ogún. Google mọ ọgbọ́n yẹn, ó sì ń ṣọ́ ọ.

Ó wá ku ìyára. Fọ́tò méjìlá ló wà lójú ewé yín àkọ́kọ́, bí fóònù ṣe yà wọ́n lẹ ṣe gbé wọn síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 4. Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 50. Ẹni tó dúró ní ọjà Akẹ̀sán tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà yóò ti padà sẹ́yìn kó tó rí ìlù kankan. Ẹ gbé fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú squoosh.app, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dín ìbú rẹ̀ kù sí píkísẹ́lì 1200, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bíi WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn á bọ́ sí nǹkan bíi kílóbáìtì 150, gbogbo méjìlá ò sì ní ju mẹ́gábáìtì 2 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ìkànnì náà wò nínú PageSpeed Insights, ohun èlò Google tó ń wọn ìyára ìkànnì, níbi tí wọ́n kọ `Mobile` sí. Ohun tó tóbi jù lójú ewé, tí wọ́n ń pè ní LCP níbẹ̀, yẹ kó hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Bó bá ní kò sí ìwọ̀n tó ti ọ̀dọ̀ àwọn olùlò gidi wá, ẹ má fòyà, àwọn tó ń wọlé ò tíì pọ̀ tó ni. Ìyára nìkan ò lè gbé ojú ewé tí kò sọ nǹkan kan dé òkè, ṣùgbọ́n oníbàárà yóò dúró.

Ìgbà yìí ni líǹkì gidi wá wúlò. Bí onílù ṣe ń rí òde ni: ẹni tó gbọ́ ìlù rẹ̀ ló ń júwe rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ra ìlù lọ́wọ́ yín, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ àṣà rẹ̀ ń lò ó, ẹ̀ka orin ní yunifásítì tí olùkọ́ rẹ̀ wá gba ìlù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìkànnì. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ìlù wọn, kí wọ́n sì fi líǹkì sí i. Líǹkì mẹ́ta irú èyí sàn fún yín ju 500 tí wọ́n fẹ́ tà lọ. Ẹ fi èyí dán an wò: ṣé ẹni tó ń ka ojú ewé náà lè tẹ̀ ẹ́ kó sì ra ìlù? Bí kò bá lè ṣe é, kò sí ohun tó fẹ́ ṣe fún yín.

Fún àwọn tó fẹ́ fẹsẹ̀ wọn wá sílé, ẹ ṣí Google Business Profile, ibi tí Google ti ń fi ilé ìtajà han àwọn tó ń wá a, ọ̀fẹ́ ni òun náà, kí ẹ rí i pé àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ibẹ̀ bá ti ìkànnì mu.

Bí ẹ bá ti tún ojú ewé kọ, ẹ wọ Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi han onííkànnì bí ìkànnì rẹ̀ ṣe ń jáde, kí ẹ tẹ `Request indexing` fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìgbà míì oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo `Queries` lábẹ́ `Performance`. Bí ẹ bá rí `talking drum repair` tó ń hàn lọ́pọ̀ ìgbà lójú ewé kìíní èsì Google tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́, àkọ́lé ni kí ẹ tún kọ. Bó bá jẹ́ ojú ewé kẹta tàbí ìkẹrin èsì náà ló ń hàn sí, ẹ fi kún àlàyé inú rẹ̀, kí ẹ sì wá líǹkì gidi fún un. Bí kò bá hàn rárá, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń lò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ. Ẹ tún padà sínú WhatsApp yín wò.