Wàrà Tó Rọ Ìyá Lọ́rùn Lè Ṣe Ọmọ Ní Jàǹbá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Bí mo bá mu tíì tí mo da mílíìkì sí dáadáa, kò ní tó wákàtí méjì tí inú mi á máa kùn, á wú, màá sì yàgbẹ́ gbuuru. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ra wàrà díndín fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ètè rẹ̀ wú, ara rẹ̀ sú, ó sì bì. Nígbà tó di alẹ́, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ìyá ọkọ mi ní èmi ló jọ, pé kí n máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ́ ọn lára. Ṣé ohun kan náà ló ń ṣe àwa méjèèjì? (Ìyá kan ní Gàá Àkánbí, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fún ọmọ náà ní wàrà mọ́, kódà kó jẹ́ èyí tó kéré bí orí ìka, títí dókítà àwọn ọmọdé yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú Màmá sọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn léwu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tiyín. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí à ń pè ní lakitóòsì. Ìfun gbọ́dọ̀ gé e sí méjì kó tó lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ìfun fi ń gé e pọ̀ lára ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa, ó ti dín kù gan-an. Ṣúgà tí a kò gé á wá ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀ á sì jẹ ẹ́, wọn á tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń kùn tó sì ń mú inú wú, omi yẹn ló ń di ìgbẹ́ gbuuru. Mílíìkì ò dà nínú yín ni. Ó ń ni èèyàn lára, àmọ́ kì í dí èémí.

Bí ó ṣe pọ̀ tó ló ń pinnu bó ṣe máa ṣe yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìṣòro yìí lè gba nǹkan bíi gíráàmù 12 lakitóòsì lẹ́ẹ̀kan láìsí wàhálà púpọ̀, ìyẹn bíi ife mílíìkì kan. Agolo kékeré mílíìkì olómi tó ki, tó wọn gíráàmù 160, ní nǹkan bíi gíráàmù 16. Nítorí náà, bí ẹ bá da odindi agolo sínú tíì, ó pọ̀ jù. Ìlàjì rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ lè má ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ yàgò fún mílíìkì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá padà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ara yín lè bá a dé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ẹ ń rù, ẹ má di í ru mílíìkì. Ẹ lọ rí dókítà.

Ibi tí tiyín àti tọmọ ti pínyà nìyí. Ẹ ronú sí bí àwọn ìyá Fúlàní ṣe ń ṣe wàrà: wọ́n á gbé mílíìkì kaná, wọ́n á da omi ewé bọmubọmu sí i, á dì, wọ́n á wá sẹ́ omi rẹ̀ kúrò. Púpọ̀ nínú ṣúgà tó ń yọ yín lẹ́nu bá omi yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tí mílíìkì kì í dà nínú wọn fi ń jẹ wàrà láìsí ìyọnu. Ohun tó kù nínú apẹ̀rẹ̀ ni purotéènì mílíìkì tó ti kó ara jọ. Purotéènì yẹn gan-an ni ara ọmọ yín ń bá jà. Àwọn ohun tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ rò pé ọ̀tá ló wọlé, wọ́n sì tú kẹ́míkà sínú ẹ̀jẹ̀, kẹ́míkà náà ló mú ètè wú tí ara sì sú. Dídín kì í pa irú purotéènì bẹ́ẹ̀. Wàrà tó rọ̀ yín lọ́rùn ju mílíìkì lọ ló le jù fún un. Èyí là ń pè ní àlẹ́jì, díẹ̀ bíńtín sì tó láti dá a sílẹ̀.

Ẹ má wo bó ṣe lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Ìgbà mìíràn lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ara tó sú àti ètè tó wú nìkan ni, oògùn ara yíyún bíi Pirítọ̀nù lè ràn án lọ́wọ́, ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ̀ bá há, tó ń wúkọ́ léraléra, tí àyà rẹ̀ ń súfèé, tí ahọ́n wú, tó ń bì léraléra, tàbí tó rọ tó sì ń tòògbé, ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ohun náà ti kọlù. Pirítọ̀nù kò lè dá ìyẹn dúró. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì nìkan ló lè ṣe é, inú ẹran itan, lápá òde, ni nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ń gún un sí. Ọmọ tó wọn kílò 14 á gba mílígíráàmù 0.14, wọ́n sì lè tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún bí kò bá rọlẹ̀.

Bí ẹ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí èémí ló ń há, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó rìn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé, bí ètè ọmọ bá wú lójijì, àwọn ará ilé á ní májèlé ni, wọ́n á sáré wá epo pupa àti mílíìkì agolo láti fi pa oró májèlé náà. Epo lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò lè mí dáadáa. Mílíìkì sì rèé, òun gan-an ló ń ṣe é. Ẹ sọ èyí fún Màmá àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bá yín wo ọmọ náà.

Ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin wà ní Òkè-Òyì, ó jìnnà sí yín fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ bi wọ́n bóyá adirẹnalíìnì wà nílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá ti gún un, kí wọ́n dá a dúró fún wákàtí mélòó kan, torí àlẹ́jì náà lè tún padà kọlù ú.

Àyẹ̀wò awọ ara tàbí ti ẹ̀jẹ̀ wà tí dókítà lè fi mọ̀ ọ́n, òun náà ni yóò sì sọ ìgbà tí wọ́n máa tún un wò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni àlẹ́jì mílíìkì ń kúrò lára wọn bí wọ́n ti ń dàgbà. Inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń dán an wò, kì í ṣe nílé. Títí dìgbà náà, mílíìkì ewúrẹ́ kò ṣeé fi rọ́pò, ó jọ ti màlúù jù. Ẹ ka ara páálí bisikíìtì àti búrẹ́dì olọ́ràá. Wàrà sóyà lè ṣe, bí sóyà kò bá ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ dín in fúnra yín nílé. Àwọn tó ń din ín lọ́jà sábà máa ń fi epo kan náà dín in pẹ̀lú wàrà màlúù, àti dùńdú àti ẹja náà.